Ìwọ̀n pé lórí ìwé, yàrá kéré lórí ilẹ̀: báwo la ṣe ń ya pílánì tí bíríkìlà á lè kà?

Ayàwòrán Tánkè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí. Mo ya pílánì ilé kan ní Tánkè níbí. Iwájú ilé jẹ́ 9150 mílímítà. Láti òsì lọ sí ọ̀tún: yàrá 3600, ilé ìwẹ̀ 1500, yàrá kejì 3300. Ògiri ìta jẹ́ náìnì-ínṣì, ìyẹn 225, ti inú jẹ́ síìsì-ínṣì, ìyẹn 150. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ dé ojú fèrèsé, yàrá kejì sì ti di 3150. Bíríkìlà ní ohun tó wà lórí ìwé lòun kọ́. Onílé ní wọ́dúróòbù tóun ti san owó rẹ̀ ò lè wọ̀ ọ́ mọ́. Kí ni kí n yí padà nínú ìlà, hátíṣì àti okùn ìwọ̀n mi kí èyí má tún ṣẹlẹ̀?

---

Àǹtí Fátè:

Wo nọ́ńbà tó sọnù yẹn dáadáa kó o tó bá bíríkìlà jà. 3300 di 3150: 150 ló lọ. Ògiri inú méjì ló wà nínú ilé yẹn. Tó bá fi náìnì-ínṣì kọ́ méjèèjì, 75 ló fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjèèjì sì jẹ́ 150 gééré. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun òsì, ó fún yàrá àkọ́kọ́ ní 3600 rẹ̀, ó fún ilé ìwẹ̀ ní 1500 rẹ̀, ó sì di igun ọ̀tún mú síbi 9150. Ohun tó ṣẹ́kù ló fún yàrá tó kẹ́yìn. Téèpù ọkùnrin yẹn tọ́. Ohun tí kò rí lórí ìwé rẹ ni pé ògiri inú tín-ín-rín ju ti ìta lọ.

Dá mi lóhùn kí n tó sọ nǹkan mìíràn. Sikéèlì wo lo fi yà á? Ìwé wo ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí? Àwọn nọ́ńbà wo gan-an ló wà lórí okùn ìwọ̀n iwájú ilé?

---

Ayàwòrán Tánkè:

1:50 lórí A1 ni, Àǹtí. Onílé ló mú PDF lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí A3 nítorí owó. Fótókópì A3 yẹn ni bíríkìlà ń lò. Mi ò fọwọ́ kan ìnípọn ìlà, gbogbo léyà ló wà lórí Default. Hátíṣì ANSI31, onílà dídagun yẹn, ni mo dà sínú gbogbo ògiri. Lórí okùn ìwọ̀n, mo kọ 3600, 1500 àti 3300, mo sì kọ 9150 sórí okùn kejì.

---

Bíríkìlà Gàá-Akánbí:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń kọ́ ọ sọ tèmi. A kì í kọ́kọ́ wo ìlà, nọ́ńbà la ń wò. Mo ro mẹ́ta tó o kọ yẹn pọ̀, ó jẹ́ 8400. Mo yọ ọ́ nínú 9150, ó ku 750. Ògiri mẹ́rin ló wà níbẹ̀, bí gbogbo wọn bá sì jẹ́ náìnì-ínṣì, 900 ló yẹ kí wọ́n gbà. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣe ìṣirò yìí á mọ̀ pé nǹkan ò bára mu. Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ tí a fẹ́ ta okùn, lébìrà ti dúró, omi ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ búlọ́ọ̀kù ti já ẹrù, náìnì-ínṣì nìkan sì ló kó wá. Kò sí ibi tí ìwé ti sọ 150. Náìnì-ínṣì náà la máa tò.

Kọ ìwọ̀n ògiri sínú okùn, ọmọ mi. Tí mo bá rí 150 láàárín 3600 àti 1500, màá béèrè lọ́wọ́ onílé pé síìsì-ínṣì dà.

---

Ọmọ Òmù-Àrán:

Èmi ò gbà pé nọ́ńbà nìkan ni. Fótókópì ló ba pílánì yẹn jẹ́. Èmi máa ń fi ìlà 0.70 mílímítà ya gbogbo nǹkan, ògiri, ilẹ̀kùn, okùn ìwọ̀n, gbogbo rẹ̀ pátá. Kò sí ẹ̀rọ tó lè pa á rẹ́. Àti pé okùn ìwọ̀n yẹn, àárín ògiri sí àárín ògiri ló yẹ kó jẹ́, torí àárín ògiri ni ìpìlẹ̀ ń tẹ̀lé.

---

Àǹtí Fátè:

Òmù-Àrán, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ́, jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Fótókópì dá kún un lóòótọ́. Ìwé A3 jẹ́ ìdajì A1 ní gígùn àti ní fífẹ̀, nítorí náà 1:50 rẹ̀ ti di 1:100, gbogbo ìlà tó wà lórí rẹ̀ náà sì ti di ìdajì. Default tí Tánkè fi sílẹ̀ jẹ́ 0.25 mílímítà nínú AutoCAD, bí ẹnì kan ò bá ti yí i padà. Lórí A3, ó di nǹkan bí 0.125. Ògiri jẹ́ 0.125, hátíṣì jẹ́ 0.125, ìlà tó gbé ìwọ̀n jẹ́ 0.125, fèrèsé náà bẹ́ẹ̀. Ògiri náìnì-ínṣì fẹ̀ tó 2.25 mílímítà lórí ìwé yẹn, síìsì-ínṣì fẹ̀ tó 1.5. Kò tó mílímítà kan tó fi yàtọ̀ síra wọn, hátíṣì kan náà ló sì kún inú méjèèjì. Kò sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí fótókópì tó ti dọ̀tí.

Ṣùgbọ́n kíki gbogbo ìlà ò tún un ṣe. Mú ògiri síìsì-ínṣì ní 1:100, tó fẹ̀ tó 1.5. Fi ìlà 0.70 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìdajì ìlà kọ̀ọ̀kan á wọ inú ògiri, àyè funfun tó máa kù láàárín kò ju 0.80 lọ. Tí okùn ìwọ̀n náà bá tún ki bẹ́ẹ̀, tó wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ògiri kẹta ni bíríkìlà máa rò pé òun rí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlà kan àti èkejì ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń pariwo láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, ta ló máa mọ ìgbà tí iná ń jó?

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. Mo kọ́kọ́ béèrè ìwé tó máa dé ọwọ́ bíríkìlà gan-an. Ní Ìlọrin níbí, A3 ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà A3 ni mo máa ń ya á fún láti ìbẹ̀rẹ̀, ní 1:100. Pílánì dà bí ilé tí a fi ọ̀bẹ gé, tí a wá ń wò ó láti òkè: ohun tí ọ̀bẹ gé kọjá, ìyẹn ògiri àti pílà, máa ń gba 0.50. Ohun tí a kàn ń rí nísàlẹ̀, bí àtẹ̀gùn, ojú fèrèsé àti àwo ilé ìgbẹ́, máa ń gba 0.25. Okùn ìwọ̀n àti ọfà rẹ̀ máa ń gba 0.18. Mi ò fi 0.13 ya ohun tí ilé máa bàjẹ́ tí kò bá hàn, torí ìlà yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kú sínú fótókópì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà kò gbọ́dọ̀ kéré ju 2.5 mílímítà lọ lórí A3 náà. Ẹni tó kọ 2.5 sórí A1, 1.25 ló fún bíríkìlà.

Àárín sí àárín, màá padà sí i.

---

Onílé Ọ̀ffà:

Ẹ má bínú, èmi kì í ṣe ayàwòrán, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlà yìí kàn mí. Nílé mi ní Ọ̀ffà, wọ́n gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ yí gbogbo ilé ká ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì síta ògiri. Mo bi wọ́n, wọ́n ní ó wà lórí pílánì. Nígbà tí ẹni tó yà á wá, ó ní òrùlé lòun yà síbẹ̀. Ṣé wọ́n máa ń ya òrùlé sórí pílánì ilẹ̀ ni? Ẹlòmíì tiẹ̀ ní òǹtẹ̀ ìjọba ni kò sí lórí rẹ̀. Èló ni wọ́n ń gbà fún òǹtẹ̀ náà báyìí?

---

Bíríkìlà Gàá-Akánbí:

Òǹtẹ̀ kò gbẹ́ kòtò, Alàájì. Ìlà ló gbẹ́ ẹ. Mo ti rí irú rẹ̀.

---

Àǹtí Fátè:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Alàájì. Ti owó òǹtẹ̀, ọ́fíìsì ìlú yín nìkan ló lè dá yín lóhùn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àkọ́kọ́ yín bá ohun tí à ń sọ mu. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń ya etí òrùlé sórí pílánì ilẹ̀, kí ẹni tó ń kà á lè mọ ibi tí òjò á máa já sí. Ìlà gígékúgé ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́, kó tún tín-ín-rín ju ògiri lọ, torí òkè orí ló wà.

Tó bá wá di ìlà tí kò gé mọ́ lórí ìwé, ó ní ohun tó fà á. Tánkè, gbọ́ èyí, ó lè ṣe ìwọ náà. Nínú àkójọ ìlà ti mílímítà, DASHED máa ń gùn ní 12.7 kó tó gé. Bó o bá ya ilé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, tó o sì tẹ̀ ẹ́ ní 1:100 láti Model, 12.7 yẹn á di 0.127 mílímítà lórí ìwé. Ojú kò lè rí i pé ó gé. Ìlà gbọọrọ ló máa jọ, bí ò bá sì tín-ín-rín ju ògiri lọ, lébìrà á gbé díígà. Fi èyí sí i:

```
MSLTSCALE
0
LTSCALE
25
```

Ìgbà yẹn, gígùn kọ̀ọ̀kan á tó mílímítà mẹ́ta lórí ìwé, á sì hàn lórí fótókópì. Kọ "etí òrùlé lókè" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò jẹ́ kí ìlà gígékúgé kankan jáde lọ́wọ́ mi láìkọ ohun tó jẹ́ sí i lára.

---

Ọmọ Òmù-Àrán:

Àǹtí, ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí àárín sí àárín.

---

Àǹtí Fátè:

Ó dáa. Ìpìlẹ̀ ń tẹ̀lé àárín ògiri, òótọ́ ni, ẹnjiníà sì lè fi ya pílà àti ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Àmọ́ wo ohun tó ń ṣe fún pílánì tí ògiri rẹ̀ kò bára dọ́gba. Nínú ilé Tánkè, láti àárín ògiri ìta dé àárín ògiri inú jẹ́ 112.5 àti 3600 àti 75, ìyẹn 3787.5. Ilé ìwẹ̀ jẹ́ 1650. Yàrá kejì jẹ́ 3487.5. Ta ló ní téèpù ìdajì mílímítà ní Gàá-Akánbí? Tó o bá sì ní kí AutoCAD má kọ ìdajì, á kọ 3788, 1650 àti 3488. Rò wọ́n pọ̀: 8926. Okùn ìta ní 8925. Àwọn nọ́ńbà ti ń ta ko ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì.

Bíríkìlà kò sì rí àárín ògiri rí lẹ́yìn tó bá ti to búlọ́ọ̀kù. Ojú búlọ́ọ̀kù ló ń rí, ibẹ̀ ló ń fi téèpù sí. Ojú búlọ́ọ̀kù sí ojú búlọ́ọ̀kù ni kó o kọ fún un.

---

Ọmọ Òmù-Àrán:

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ onílé kì í ra ojú búlọ́ọ̀kù, yàrá tí wọ́n ti rẹ́, tí wọ́n ti lẹ táìsì sí ló ń rà. Tí ilé ìwẹ̀ bá jẹ́ 1500 lórí ìwé, 1500 ló yẹ kó bá nígbà tó bá kó wọlé. Èmi, ìwọ̀n ohun tó ti parí ni mo máa ń kọ.

---

Àǹtí Fátè:

Ohun tó ń ká ẹ lára tọ́, ọ̀nà tó o gbà ni kò tọ́. Ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù kò lè wọn sìmẹ́ǹtì tí wọn ò tíì rẹ́. Tó o bá fẹ́ kí ilé ìwẹ̀ jẹ́ 1500 lẹ́yìn táìsì, ìwọ ni kó o ṣe ìṣirò náà nílé. Ká ní rírẹ́ gba 15 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táìsì àti ohun tó lẹ̀ ẹ́ gba 20. Ìyẹn 35, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ 70. Nítorí náà 1570 ló máa wà lórí okùn ìwọ̀n, 9150 á di 9220, tàbí kó o mú 70 kúrò nínú yàrá kan. Pinnu rẹ̀ kó o tó tẹ̀wé. Kí o sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré sí ìsàlẹ̀ ìwé pé gbogbo ìwọ̀n jẹ́ ti ojú búlọ́ọ̀kù.

---

Bíríkìlà Gàá-Akánbí:

Ẹ tún fi èyí kún un. Púpọ̀ nínú wa, ẹsẹ̀ bàtà la fi kọ́ṣẹ́. Tí mo bá rí 3600, ọkàn mi á sọ pé ẹsẹ̀ bàtà méjìlá. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Méjìlá jẹ́ 3658, ó fi 58 lé. Ilé ìwẹ̀ 1500, a ó ní márùn-ún, ó fi 24 lé. Kó o tó mọ̀ ọ́n, o ti jẹ yàrá tó kẹ́yìn. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé ẹ̀gbẹ́ tí mílímítà wà lára téèpù ni kí wọ́n lò, kí wọ́n má yí nǹkan kan padà.

Ohun kejì: tí ẹ bá kọ ọ́ ní 225, 3600, 150, 1500 báyìí, a ní láti máa gbé téèpù láti ìlà kan sí èkejì. Ibi kọ̀ọ̀kan tá a bá gbé e sí, mílímítà díẹ̀ lè yẹ̀. Èmi máa ń kan ìṣó kan mọ́ igun, màá fi téèpù kọ́ ọ, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí màá fi sàmì sí gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá lè kọ nọ́ńbà náà bẹ́ẹ̀ fún wa, ẹ ti ràn wá lọ́wọ́.

---

Ayàwòrán Tánkè:

Ṣé bí èyí ni, Bàbá? Láti igun òsì:

```
0  225  3825  3975  5475  5625  8925  9150
```

---

Bíríkìlà Gàá-Akánbí:

Ọlọ́run á bù kún ẹ. Ìyẹn gan-an ni. Lórí èyí, bí mo bá fi náìnì-ínṣì tẹ̀ lé 3825, màá bá ara mi ní 4050, nígbà tí ìwé ní 3975. Màá dúró níbẹ̀ láti béèrè.

---

Ọmọ Òmù-Àrán:

Ẹ má tún kọ méjèèjì sórí ìwé kan náà o. Lọ́jọ́ tí onílé bá ní kí yàrá tóbi sí i, ẹni kan á tún okùn kan ṣe, á gbàgbé èkejì. Èmi tiẹ̀ máa ń tẹ nọ́ńbà tuntun lé orí ti àtijọ́ nígbà tí àyè kò bá sí láti tún ògiri yà.

---

Àǹtí Fátè:

Ti àkọ́kọ́, mo bá ẹ lọ. Lórí pílánì ilé, mo máa ń fi okùn mẹ́ta síta: èyí tó sún mọ́ ilé jù ń sọ fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ti àárín ń sọ yàrá àti ògiri, ti ìta pátápátá ń sọ gbogbo gígùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ já sí nọ́ńbà kan náà. Èyí tí Bàbá fẹ́ yẹn, ìwé tó wà fún títa okùn nìkan ni mo máa ń kọ ọ́ sí, láìsí àga, láìsí táìsì, láìsí igi òdòdó.

Ti ìkejì, jọ̀wọ́ jáwọ́ nínú ẹ̀. Nọ́ńbà tó o fọwọ́ tẹ̀ sórí ìwọ̀n ti já kúrò lára ògiri. Bí ògiri bá rìn lọ́la, nọ́ńbà náà á dúró síbi tó wà. Jẹ́ kí ó máa jẹ́ `<>`, kí ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ gan-an ló máa hàn. Tí nọ́ńbà náà kò bá wù ẹ́, ògiri ni kó o sún.

---

Ayàwòrán Tánkè:

Hátíṣì ńkọ́? ANSI31 ṣì ni gbogbo wa ń lò.

---

Àǹtí Fátè:

Ní 1:100, àyè tó kù nínú síìsì-ínṣì lẹ́yìn ìlà 0.50 jẹ́ mílímítà kan péré. Hátíṣì wo lo fẹ́ dà síbẹ̀? Mo fi síìsì-ínṣì sílẹ̀ ní funfun. Náìnì-ínṣì nìkan ni mo máa ń fi ìlà dídagun sí, kí ìlà náà sì jìnnà síra tó mílímítà kan àbọ̀ lórí ìwé. Pílà kọnkéré, mo máa ń kùn ún ní dúdú kirikiri, kí ẹni tó ń tẹ irin lè kà wọ́n láti òkèèrè. Ohun mẹ́ta, ìrísí mẹ́ta. Àmì kọnkéré olókùúta wẹ́wẹ́ yẹn, ibi tí mo bá gé ìpìlẹ̀ ní 1:20 ni mo máa ń lò ó, níbi tí àyè wà fún un.

---

Ọmọ Òmù-Àrán:

Èmi ń fi àwọ̀ eérú kun náìnì-ínṣì ní tèmi. Ó mọ́ ju ìlà lọ, ẹni tó ń wò ó lórí Wáàsáàpù á rí i kíákíá.

---

Bíríkìlà Gàá-Akánbí:

Lórí fóònù, ó dára. Lórí fótókópì, ẹ̀rọ kan á sọ ọ́ di funfun, òmíràn á sọ ọ́ di dúdú, a ó wá máa rò pé kọnkéré ni gbogbo ògiri.

---

Ọmọ Òmù-Àrán:

Ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ò ní yí i padà.

---

Ayàwòrán Tánkè:

Ilé tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún onílé?

---

Bíríkìlà Gàá-Akánbí:

Ó ti dé ojú fèrèsé, kò tíì ní líńtẹ́ẹ̀lì. Tí ẹ bá wó ògiri tó wà láàárín ilé ìwẹ̀ àti yàrá kejì, tí ẹ fi síìsì-ínṣì tún un kọ́, tí ojú rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìwẹ̀ kò sì kúrò níbi tó wà, yàrá á gba 75 padà, ó di 3225. Kí ó tó lè pé 3300, ẹ gbọ́dọ̀ wó ògiri kejì náà, tàbí kí ẹ fi 75 gé ilé ìwẹ̀ sí 1425. Kọ́kọ́ wọn wọ́dúróòbù náà, kó o sì rántí pé rírẹ́ ò tíì wọlé.

---

Àǹtí Fátè:

Béèrè lọ́wọ́ ẹnjiníà rẹ kó o tó wó ohunkóhun, bóyá ó ti gbé nǹkan lé ògiri yẹn nínú ìṣirò tirẹ̀.

---

Ayàwòrán Tánkè:

Mo ti tún okùn àárín yà: 225, 3600, 150, 1500, 150, 3300, 225. Ó já sí 9150. A3, 1:100, ògiri 0.50, síìsì-ínṣì funfun. Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́la.

---

Bíríkìlà Gàá-Akánbí:

Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ dà? Ó wà lára ògiri inú, kò sí okùn ìta tó lè sọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ fún mi.

---

Àǹtí Fátè:

Fi okùn kékeré kan sínú ilé fún un, láti ojú búlọ́ọ̀kù igun dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́yìn náà fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Jẹ́ kí ti igun yẹn jẹ́ 225 bí àyè bá wà, torí búlọ́ọ̀kù jẹ́ 450 ní gígùn, ìdajì rẹ̀ ni bíríkìlà á gé. Bó o bá kọ 100 síbẹ̀, wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn.

---

Ayàwòrán Tánkè:

225 wọ̀ ọ́. Ilẹ̀kùn pálọ̀ ni kò wọ̀, 180 ló kù níbẹ̀ nítorí pílà. Ṣé kí n sún pílà ni, àbí kí n dín ilẹ̀kùn kù?

---

Bíríkìlà Gàá-Akánbí:

Má dín ilẹ̀kùn pálọ̀ kù, àga á fẹ́ wọlé. Da 180 yẹn ní kọnkéré pọ̀ mọ́ pílà, kó o sì kùn ún ní dúdú lórí ìwé kí n lè mọ̀ pé kì í ṣe búlọ́ọ̀kù.